Ohun tí à ń sọ nílé ọ̀fọ̀ ní Káírò, àti èsì tó tọ́ sí i

Ìbéèrè: Ùsítáàsì, ẹ kú iṣẹ́. Al-Ásíhárì ni mo wà ní Káírò. Ìyá ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá kú ní Ìwó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ará Íjíbítì ń wá kí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò sí nínú ìwé kéwú tí a kà nílé: "ẹl-ba'iya fi hayaatak", "ṣidd heelak". Ó kàn ń dá wọn lóhùn pé "aamiin", nígbà mìíràn "ṣukran". Kí ló yẹ kó máa sọ? Ní Ọjọ́bọ̀, àwa náà máa lọ kí olùkọ́ wa tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Kí ni kí á sọ níbẹ̀, kí sì ni kí á ṣe?

Ìdáhùn: Bá mi kí ọ̀rẹ́ rẹ, sọ fún un pé ó kú ara fẹ́ra kù. Kí Olóhun forí jin ìyá rẹ̀, kí Ó sì fi Alujánà ṣe ilé fún un.

"Aamiin" tó ń sọ yẹn kò burú, torí pé àdúrà ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń wí fún un. "Ṣukran" náà kì í ṣe èébú. Ṣùgbọ́n ní Káírò, gbólóhùn ìbánikẹ́dùn kọ̀ọ̀kan ló ní èsì tirẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ a sì máa retí èsì náà. Bí kò bá gbọ́ ọ, kò ní bínú sí àlejò, àmọ́ kò ní mọ̀ bóyá ẹni tó ń kí gbọ́ òun tàbí kò gbọ́. Èyí tó yẹ kó ṣọ́ra fún ni "afwan", tó máa ń já bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa nígbà tí ara wọn kò bá balẹ̀. Ẹni tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ ìyẹn. Kò ní iṣẹ́ kankan nílé ọ̀fọ̀.

Ohun kan ló so àwọn èsì náà pọ̀: wọ́n ń dá àdúrà padà sórí ẹni tó ṣe é. Àlejò tọrọ ẹ̀mí fún ọ, ìwọ náà tọrọ ẹ̀mí fún un. Ó ṣàdúrà fún òkú rẹ, o ṣàdúrà fún àwọn òkú tirẹ̀. Bí èyí bá ti yé yín, ẹ ó tètè há wọn sórí, torí ìdajì ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi dáhùn ti jáde lẹ́nu ẹni tó ń kí yín.

Lẹ́tà Yorùbá ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Níbi tí fáwẹ́lì bá ti jẹ́ méjì, ẹ fà á. Níbi tí ẹ bá ti rí àmì ' ẹ há ọ̀fun díẹ̀. Bí mo bá kọ "assama" tàbí "asaa", ẹ jẹ́ kí s inú wọn kùn bí oyin, kó má dún bí ti "sùn". Bí ẹ ṣe ń pè é nílé kéwú náà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú "ẹl-ba'iya fi hayaatak" ṣáájú, nítorí òun lẹ máa gbọ́ jù. Káfù tí ẹ kọ́ nínú "bakiyya" ni àwọn ará Káírò gbé mì, tó fi di há-ọ̀fun. Wọ́n ń sọ pé kí ohun tó kù nínú ọjọ́ ayé olóògbé di tìrẹ, kí a fi kún ẹ̀mí rẹ. Èsì rẹ̀ ni "hayaatak ẹl-ba'ya", ìyẹn ni pé kí ẹ̀mí tìrẹ gan-an ni kó ṣẹ́kù, kó pẹ́. Bí obìnrin ló bá kí i, "hayaatik ẹl-ba'ya" ni. Bí wọ́n bá pọ̀, "hayaatkum".

Àwọn aáfà kan kò fẹ́ràn gbólóhùn yìí. Wọ́n ní Kùránì ti sọ ọ́ nínú Suuratu Al-A'raaf, áyà 34, pé nígbà tí àkókò àwọn ènìyàn bá tó, wọn kò lè fà á sẹ́yìn ní wákàtí kan, wọn kò sì lè tì í síwájú, nítorí náà òkú kankan kì í fi ọjọ́ ayé sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹlòmíì yóò jogún. Òótọ́ ni áyà náà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó bá wá sẹ́nu ọ̀nà yín pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ kò wá jíròrò lórí àyànmọ́. Àdúrà ẹ̀mí gígùn ló ń ṣe fún ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀, ó sì yẹ kí á dá a lóhùn bó ṣe rò ó. Bí ọkàn tiyín kò bá gbà á láti sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá lọ kí ènìyàn, ẹ lo "ẹl-bakaa lillaah", ti Olóhun ni wíwà láéláé. Òun náà gbajúmọ̀ ní Káírò, òun ló sì kún inú àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Èsì rẹ̀ ni "wa ni'ma billaah". Ẹ máa gbọ́ tí àwọn kan ń fi há-ọ̀fun pe káfù inú rẹ̀, tí àwọn kan sì ń pe káfù náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Méjèèjì náà ni wọ́n ń sọ.

"Ṣidd heelak" kì í ṣe àdúrà rárá, ìdí nìyí tí "aamiin" kò fi bá a mu. Ọ̀rọ̀ ìyànjú ni: di ara rẹ mú, fi ọkàn balẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ nígbà ìdánwò pẹ̀lú, torí wọ́n ń sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ ń bẹ níwájú rẹ̀. Nílé ọ̀fọ̀, èsì tí wọ́n ń retí ni "ẹṣ-ṣidda ala-llaah", pé ọ̀dọ̀ Olóhun ni agbára wà. Ẹ rí i pé èyí yàtọ̀ díẹ̀ sí àwọn yòókù. Kò dá nǹkan padà fún àlejò. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni agbára. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún obìnrin, "ṣiddi heelik" ni, ṣùgbọ́n èsì kò yí padà.

Ibi tí àwa Yorùbá ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ jù ni "Allaah yirhamu". Nínú èdè wa, "kí Olóhun kẹ́ ẹ" gba ọkùnrin, ó gba obìnrin. Ahọ́n wa kò kọ́ láti yà wọ́n sọ́tọ̀, àgàgà nígbà tí ojú bá ń dá omi. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ ló kú, nítorí náà "Allaah yirhamha" ni ẹnikẹ́ni tó bá ń kí i máa sọ, òun náà gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ bó bá ń dárúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n olùkọ́ yín jẹ́ ọkùnrin, "Allaah yirhamu" ni tiẹ̀. Ọmọ kan lè mọ gírámà Lárúbáwá dé góńgó, kó dúró níwájú ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú kó sọ pé "Allaah yirhamu". Ọkùnrin náà á dáhùn ní tútù, àmọ́ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ti gbọ́ pé obìnrin náà di ọkùnrin lẹ́nu àlejò. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi ara yín pé ta ló kú, ta sì ni ẹ ń kí. Ẹni tó kú ló ń pinnu "-u" tàbí "-ha". Ẹni tí ẹ ń kí ló ń pinnu "-ak", "-ik" tàbí "-kum".

Èsì "Allaah yirhamha" ni "wa yirham amwaatak", kí Ó kẹ́ àwọn òkú tìrẹ náà. Àwọn kan á sọ pé "wa yirham amwaat ẹl-muslimiin", wọ́n á fi gbogbo òkú Mùsùlùmí kún un. Níbí, "aamiin" ṣáájú èsì náà bójú mu gan-an, torí àdúrà gidi ni wọ́n ṣe. "Rabbina yisabbarak", kí Olúwa fún ọ ní sùúrù, náà gba "aamiin", tàbí "ya Rabb".

Bí ó bá wá jẹ́ àwọn aáfà Al-Ásíhárì ló wá kí ọ̀rẹ́ rẹ, Lárúbáwá tí ẹ kà nílé ni wọ́n máa fi bá a sọ̀rọ̀, ara á sì tù ú. Gbólóhùn tó wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ni "assama-llaahu ajirak, wa ahsana asaa'ak, wa gafara li-mayyitik": kí Olóhun sọ ẹ̀san rẹ di ńlá, kí Ó tù ọ́ nínú dáadáa, kí Ó sì forí jin òkú rẹ. Ẹlòmíì lè fi "li-waalidatik" parí rẹ̀, torí ìyá ni. Bí ẹnì kan bá fi ohùn Káírò sọ ọ́, ẹ ó gbọ́ "agrak" dípò "ajirak", nítorí gí ni wọ́n ń pe jíímù níbẹ̀. Èsì tí Íjíbítì mọ̀ jù fún un ni "ṣakara-llaahu sa'yak", bí wọ́n bá sì pọ̀, "ṣakara-llaahu sa'yakum", kí Olóhun gba ìrìn yín, kí Ó sì san án fún yín. Èsì mìíràn wà tí wọ́n gbà láti ọ̀dọ̀ Ímáámù Ahmad bin Hanbal, tí àwọn onímọ̀ masihabu rẹ̀ kọ sílẹ̀: "istajaaba-llaahu du'aa'ak, wa rahimanaa wa iyyaak". Kí Olóhun gba àdúrà rẹ, kí Ó ṣàánú àwa àti ìwọ. Mo fẹ́ràn èyí fún ọ̀rẹ́ rẹ, torí ó bá gbogbo àdúrà tí ẹnikẹ́ni bá ṣe fún un mu, níbikíbi tí wọ́n ti ń sọ Lárúbáwá. Bí ohun tí àlejò sọ kò bá yé e rárá, kó sọ ọ́. Kò ní ṣìnà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí olùkọ́ lè fẹ́ sọ ohun tí Ànábì (kí ìkẹ́ Olóhun máa bá a) fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin rẹ̀ nígbà tí ọmọ tirẹ̀ ń kú lọ, gẹ́gẹ́ bí Usaama ọmọ Saydi ṣe gbà á wá nínú hádíìsì tí Bùhárì àti Músílímù kọ: "inna lillaahi maa akasa, wa lahu maa a'taa, wa kullu ṣay'in indahu bi-ajalin musamman". Ti Olóhun ni ohun tó gbà, tiẹ̀ náà ni ohun tó fúnni, gbogbo nǹkan ló sì ní gbèdéke lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìparí rẹ̀ fún ọkùnrin tí ẹ bá dojú kọ ni "fasbir wahtasib": ṣe sùúrù, kí o sì máa retí ẹ̀san. Ẹ máa rí i nínú hádíìsì pé "faltasbir wal-tahtasib" ló wà níbẹ̀, torí ẹni tó ń jíṣẹ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nípa obìnrin náà. Bí ẹ bá ka bẹ́ẹ̀ síwájú olùkọ́ yín, bí ẹni ń ka ìwé ló máa dún. Ṣùgbọ́n ẹ má ka gbogbo rẹ̀ nínú ìlà tí èrò tò sí lẹ́yìn yín. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ni, fún ìgbà tí ẹ bá wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ́fíìsì tàbí nílé.

"Innaa lillaahi wa innaa ilayhi raaji'uun" ńkọ́? Ẹni tí ìròyìn ikú dé bá ló ń sọ ọ́, lójú ẹsẹ̀, fún ara rẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ níwájú olọ́fọ̀, kò burú, kò sì retí èsì, àmọ́ ẹ kò tíì kí i. Ẹ fi ọ̀kan nínú àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìrọ̀lẹ́ kan ní yàrá yín. Ìyá onílé ló kọ́kọ́ dé. Ó di ẹnu ọ̀nà mú, ó ní "ẹl-ba'iya fi hayaatak, ya ibni". Ọ̀rẹ́ rẹ á dìde, á ní "hayaatik ẹl-ba'ya, ya haagga". "Haagga" ni wọ́n ń pe ìyá àgbà ní Káírò, bó ti dé Mẹ́kà, bí kò sì tíì dé e, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá ní Alájà lọ́dọ̀ wa náà ni. Bàbá aṣọ́lé tí wọ́n ń pè ní bawwaab tẹ̀ lé e: "ẹl-bakaa lillaah, ya ṣeek". Ṣeek ni wọ́n ń pe gbogbo ọmọ Al-Ásíhárì, kó má fi ṣe ìyàlẹ́nu. Èsì: "wa ni'ma billaah, ya amm". Ọmọ kíláàsì rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ní "ṣidd heelak". Èsì: "ẹṣ-ṣidda ala-llaah". Olùkọ́ kan wọlé lẹ́yìn Ìṣáì, ó ka "assama-llaahu ajirak" títí dé òpin. Èsì: "ṣakara-llaahu sa'yak, ya mawlaana". Olùkọ́ náà jókòó díẹ̀, ó béèrè orúkọ ìyá náà, ó ní "Allaah yirhamha". Èsì: "aamiin, wa yirham amwaatak". Kò gba ju èyí lọ, kò sì pọn dandan kí ọ̀rẹ́ rẹ máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn láti fi kún un. Ẹni tó bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ á béèrè.

Nígbà tí wọ́n bá ń lọ, gbólóhùn kan wà tó yẹ kó sọ, tó sì máa yà wọ́n lẹ́nu láti gbọ́ lẹ́nu àjèjì: "ma-ngilkuuṣ fi haaga wihṣa". Kí á má fi irú èyí wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òun gan-an ni "Olóhun kò ní jẹ́ ká fi irú ẹ̀ san án fún yín" tí à ń sọ fún àwọn tó bá wá bá wa kẹ́dùn. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti sọ látọkàn wá, torí bó ṣe ń rò ó láti kékeré nìyẹn.

Ó kan Ọjọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀. Nínú ìkéde òkú, yálà lójú ewé wọn nínú ìwé ìròyìn Al-Ahraam tàbí lórí fóònù, ẹ lè rí i pé "ẹl-asaa kaasir ala taṣyii' ẹl-janaasa". Ìtumọ̀ ni pé níbi ìsìnkú nìkan ni wọ́n ti gba ìbánikẹ́dùn, kò sí ìjókòó alẹ́. Bí ẹ bá lọ síbi gbọ̀ngàn lẹ́yìn èyí, ilẹ̀kùn títì lẹ máa bá. Bí wọ́n bá ní ìjókòó yóò wà, wọ́n á sọ mọ́sálásí àti àkókò, tó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn Mọ̀ńgàríbà tàbí lẹ́yìn Ìṣáì. Àwọn mọ́sálásí ńlá ní gbọ̀ngàn fún un, "daar ẹl-munasbaat" ni wọ́n ń pè é. Ti Umar Makram tó wà ní Tahriir lókìkí, ti Aal Raṣdaan sì wà ní Madiinat Nasr, níbi tí púpọ̀ nínú yín ń gbé. Ní àdúgbò mìíràn, àgọ́ ni wọ́n máa pa sí ojú títì, tí wọ́n fi aṣọ aláràbarà pupa àti búlúù ta yíká. Orúkọ rẹ̀ ni "suwaan".

Bí ẹ bá dé, ẹ máa bá àwọn ọkùnrin ẹbí tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ ju olùkọ́ yín lọ. Ẹ má fò wọ́n láti sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn kan ló tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fún àwọn tí ẹ kò mọ̀, "ẹl-bakaa lillaah". Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, ẹ lè sọ pé "assama-llaahu ajirak, ya duktoor, wa rahima-llaahu akaak". Ó máa dáhùn pé "ṣakara-llaahu sa'yakum", ẹ ó sì kọjá. Ẹ má dúró béèrè ohun tó pa á. Èèyàn wà lẹ́yìn yín, ọkùnrin náà sì ti sọ ìtàn yẹn tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó. Alákàá Kùránì máa wà lórí àga, tó ń ka ìdámẹ́rin hísíbù kan, tí wọ́n ń pè ní "rub'". Ó lè tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nígbà tó ń kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa rí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa gbé omi wá, pẹ̀lú kọfí dúdú tí kò ní ṣúgà, "'ahwa saada". Níbòmíràn, bí ẹ bá jẹun tàbí mu nǹkan nílé ará Íjíbítì, ẹ ti kọ́ láti sọ pé "dayman", kó máa rí bẹ́ẹ̀ títí lọ. Àṣà dáadáa ni, ó sì ti mọ́ yín lẹ́nu. Nílé ọ̀fọ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ẹ kò fẹ́ kí kọfí yìí máa wá títí lọ. Ẹ gbé ife kalẹ̀ kí ẹ sọ pé "Allaah yirhamu", ó ti parí.

Ìgbà tí alákàá bá sọ pé "sadaka-llaahul-asiim" ni kí ẹ dìde, kí ẹ má dìde nígbà tó ń kà lọ́wọ́, kí ẹ sì má dúró di rub' kẹta. Ẹ jókòó gba ọ̀kan, ó ti tó, torí àlejò tuntun ń wá àga. Bí ẹ ṣe ń jáde, ẹ tún máa kọjá lára ìlà yẹn, ẹ tún máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ni wọ́n sábà máa ń sọ̀rọ̀ ṣáájú: "ṣakara-llaahu sa'yakum". Ẹ dáhùn pé "Allaah yirhamu", ẹ máa lọ.

Bí àwọn obìnrin bá wà láàrin yín, ibi tiwọn yàtọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, tàbí kí ó jẹ́ nílé. Dúdú ni wọ́n ń wọ̀. Ọkùnrin lè wọ ohunkóhun tó bá tutù lójú. Ẹ fi àńkárá aláwọ̀ títàn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Mo sì mọ̀ pé ẹ máa rò ó pé kí ẹ dáwó jọ, kí ẹ fi sínú àpò ìwé, bí a ṣe ń ṣe níbi fídáù nílé láti fi kí ẹbí kú ìnáwó. Ẹ má gbé e lé wọn lọ́wọ́ nínú ìlà yẹn. Ọwọ́ tí wọ́n nà jáde, ọwọ́ ìkíni ni. Bí ẹ bá mọ̀ pé olùkọ́ yín wà nínú ìṣòro owó, ẹ wá a rí ní ọjọ́ mìíràn, ní ìkọ̀kọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí Íjíbítì pàdé pẹ̀lú. "Ẹl-ba'iya fi hayaatak" ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì Kópítìkì ń sọ fún ara wọn, nítorí náà kò sí ìṣòro bí aládùúgbò yín bá jẹ́ Kópítìkì. Láàrin ara wọn, ẹ ó tún gbọ́ "ẹr-rabb yi'assiiku", kí Olúwa tù yín nínú. Àwọn ará Sùdáànù pọ̀ sí i ní Káírò láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní Kàtúúmù ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọlé tó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè tó ní "ẹl-faatiha", ọ̀rẹ́ rẹ kò ní wá èsì kankan. Kí òun náà gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n jọ kà á pa pọ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ ra ojú, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó bọ ara wọn lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ará Mòrókò ló sọ pé "l-baraka f raasẹk", "maa mṣaa m'aak baas" ni wọ́n ń fi dá a lóhùn, kí ibi má bá ọ rìn.

Ẹ̀yin kan lè wà nílé fún ìsinmi, tí ẹ kò ní lè dé gbọ̀ngàn ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ sọ fún ìbánikẹ́dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹni tó wà ní ìrìn àjò àti ẹni tí ìròyìn pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá padà dé, tó rí olùkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, kó sún mọ́ ọn kó sọ pé "ẹl-bakaa lillaah, ya duktoor, lam a'lam illa ba'da ruju'ii", n kò mọ̀ àfi ìgbà tí mo dé. Olùkọ́ náà á ní "wa ni'ma billaah". Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà má tún dá a dúró mọ́, kó jẹ́ kó wọ kíláàsì.